Ṣé Kí Wọ́n Wá? Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Bi Ọmọbìnrin Onítìjú

   

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí àwọn òbí má ṣe pa rédíò, nítorí ọ̀rọ̀ náà máa kàn yín kó tó parí. Ọjọ́ tí ọkùnrin máa la ẹnu rẹ̀, tí yóò bi ọmọbìnrin tí wọ́n ti jọ ń bá ara wọn bọ̀ pé kí àwọn fẹ́ra, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní pùròpóòsì. Kì í ṣe ti gbogbo ọmọbìnrin ni mo fẹ́ sọ. Ti èyí tó ń tijú ni mo fẹ́ sọ, èyí tí kì í fẹ́ kí ojú ayé wà lára òun. Mo sì fẹ́ sọ ti ọkùnrin tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Kí ló fà á tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí? Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin kan ní Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì í pé ọjọ́ náà ni òun máa kúnlẹ̀. Ó gba gbọ̀ngán kékeré. Ó sanwó fún ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́, ó sanwó fún ẹni tó ń ya fídíò, ó tún háyà ọmọkùnrin kan tó ń fọn sasofóònù. Owó oṣù mẹ́ta ló wọlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọlé, iná tàn, bí ogójì ènìyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin náà sì kúnlẹ̀.

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ni mo ń wò. Ó ti dì í, ó fi àtàǹpàkò sínú, bí ọwọ́ ọmọ ìkókó tó sùn. Wọ́n ní láti tú ìka yẹn kí òrùka tó lè wọ̀ ọ́. Ó mi orí pé òun gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, fèrè dún. Kò pẹ́ sí i, mo bá a lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó jókòó sórí kéègì, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dá òrùka padà.

Ṣé kò fẹ́ràn ọkùnrin náà ni? Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi pé ká ní inú ọkọ̀ ni ó ti bi òun nígbà tí àwọn ń bọ̀, òun ì bá gbà, tọkàntọkàn ni òun ì bá sì fi gbà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Àǹtí, àwọn èrò yẹn ni mo dá lóhùn. Mi ò tíì dá òun lóhùn."

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní dúró lé: àwọn èrò ló dá lóhùn. Bí a bá bi onítìjú lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó máa sọ ni ohun tí yóò jẹ́ kí àwọn ènìyàn yẹn tètè dákẹ́, kí wọ́n sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ ẹkún. Ọkùnrin náà kò ní mọ èyí tó gbà.

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Olùkọ́ ni, níhìn-ín ní Kábà. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ń ránṣọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, mo ti fi ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà pamọ́. Mo fẹ́ gba ibì kan, kí n pe àwọn ọ̀rẹ́ wa. Kí ẹ bá mi wá ẹni tó máa ṣe ọ̀ṣọ́."  Mo ní, "Jókòó dáadáa. Ta ni o fẹ́ kó rí ọ?" Kò lè fèsì.

Mo bi í pé kí ni ọmọbìnrin náà ṣe ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó kọjá. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó pa fóònù rẹ̀ ni, ó ń ránṣọ. Mo bi í pé ṣé ó máa ń gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí Wátsáàpù. Ó ní rárá o, àwòrán aṣọ tó rán nìkan ló ń gbé síbẹ̀, ó sì máa ń gé orí ẹni tó wọ̀ ọ́ kúrò. Mo bi í pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kó jáde síwájú ńkọ́? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n pè é fún ìdúpẹ́, àbúrò rẹ̀ ló rán jáde.

Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ó ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò kàn tò ó pọ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tó ṣe ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n pè é jáde yóò sọ fún yín ju ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa sọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbì kan. Ìtìjú kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin mìíràn wà tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, síbẹ̀ tí yóò dùn ún bí ìyá rẹ̀ tàbí àǹtí rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òmíràn ò sì fẹ́ kí ìyá òun pàápàá mọ̀ títí tí òun yóò fi sọ ọ́ fúnra òun. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ má bi í nípa ti ara rẹ̀. Ẹ bi í nípa ti ẹlòmíràn. Ẹ fi fídíò kan hàn án níbi tí ọkùnrin kan ti kúnlẹ̀ láàárín ọjà, kí ẹ kàn sọ pé, "Wo àwọn wọ̀nyí." Kí ẹ wá panu mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Ọmọbìnrin náà wo fídíò náà dé ìdajì, ó ní, "Wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó dá fóònù padà fún un. Ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ó wá bi mí pé kí wá ni òun máa ṣe. Mo ní kó lọ bi àwọn àgbà.

Ṣé ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é? Ọkùnrin kì í dédé lọ ko ọmọbìnrin lójú. Alárinà wà. Alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Bí ọmọbìnrin bá kọ̀, alárinà ló kọ̀ fún, ojú kò ti ẹnikẹ́ni ní gbangba. Ọmọbìnrin kì í sì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kódà fún oṣù. Ọjọ́ tó bá wá la ohùn pé òun gbà, orúkọ wà fún un: ìṣíhùn ni. Wọ́n ń fún un lẹ́bùn nítorí pé ó ṣí ohùn. Ẹ wò ó dáadáa. Wọn kò retí pé kó fò sókè. Wọ́n mọ̀ pé ohùn yẹn wúwo, wọ́n dúró dè é, nígbà tó sì jáde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni àṣà yẹn bá mu ju onítìjú lọ?

Nítorí náà, èyí tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe tuntun. Mo ní kó mú nǹkan méjì nínú àṣà yẹn. Àkọ́kọ́, kí ó má fi ìbéèrè náà ṣe ohun ìyàlẹ́nu. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣi èyí gbọ́. Ọjọ́ àti wákàtí lè jẹ́ ìyàlẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n máa gbé, ìgbà tí wọ́n máa bímọ, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tí wọ́n máa lọ, ṣé ó ṣì máa ránṣọ: gbogbo ìwọ̀nyí yẹ kó ti wọ ọ̀rọ̀ wọn ṣáájú, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì sọ ìwọ̀nyí, àsìkò kò tíì tó, ẹ gbé òrùka yín pamọ́.

Èkejì, mo ní kó fún un láàyè láti má dáhùn lọ́jọ́ náà. Kó sọ ọ́ jáde pé, "Kò pọn dandan kí o fún mi lésì lónìí." Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún onítìjú, èjìká rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè kọ ọ́ sílẹ̀, ó lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ó lè rán ẹnì kan. Bí ó bá rán ẹnì kan, ẹ má bínú. Alárinà ni yẹn.

Ọ̀rọ̀ wo ni kó wá lò? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ń lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ nínú fíìmù, tó sì máa ń há wọn lẹ́nu. Àwa ní tiwa. Nílẹ̀ wa, ọkùnrin àti obìnrin nìkan kọ́ ló ń fẹ́ra, ìdílé ló ń lọ bá ìdílé. Ìbéèrè tó bá èyí mu kò gùn: "Mo fẹ́ kí àwọn àgbà ilé wa wá kí àwọn ènìyàn rẹ. Ṣé kí wọ́n wá?" Ó parí. Ṣé kí wọ́n wá? Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde lè fi orí dáhùn. Ẹni tí kò tíì múra lè ní, "Ẹ jẹ́ kí ó di lẹ́yìn Àjíǹde," kò sì kọ ọkùnrin náà. Kò sí ìbéèrè míì tí mo mọ̀ tó fún onítìjú ní ọ̀nà púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti gbà dáhùn.

Ó ku òrùka. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. Ṣé dandan ni òrùka? Kò sí nínú àṣà wa àtijọ́. Ti dáyámọ́ńdì gan-an, ìpolówó ọjà ló gbé e ga tó báyìí. Ní 1947, ní Améríkà, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frances Gerety kọ gbólóhùn ìpolówó kan fún ilé iṣẹ́ De Beers tó ń ta dáyámọ́ńdì, èyí tó so òkúta yẹn mọ́ ìfẹ́ tí kì í tán. Títí dòní ni wọ́n ń fi gbólóhùn yẹn tajà. Mi ò ní kí ẹni tó lówó má rà á. Mo kàn ní kí ẹni tí kò lówó má rò pé òun jẹ ìyàwó òun ní gbèsè. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra òrùka, mo sì bá a lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe, kí ẹ lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà. Òrùka tí òkúta rẹ̀ yọ sókè yóò máa fa òwú aṣọ oníbàárà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa bọ́ ọ sílẹ̀. Nítorí náà, òrùka fàdákà pẹrẹsẹ la wá, tí kò ní òkúta rárá. Ọmọbìnrin tó ń ro oko tàbí tó ń tọ́jú aláìsàn, bákan náà ni. Òrùka pẹrẹsẹ kì í sì í pe ojú ayé mọ́ra, ìyẹn náà wà lára rẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀ pé fàdákà ni? Ẹ wo inú òrùka náà. Ó yẹ kí ẹ rí nọ́ńbà 925 níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n, fàdákà kó 925, bàbà tàbí irin mìíràn kó ìyókù. Ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sára irin ṣá o, nítorí náà, ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹ lè padà lọ bá. Àwọn kan máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé e, kì í ṣe fàdákà. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé e, ìyẹn kò ní kó jẹ́ fàdákà, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé idẹ náà. Idẹ tí wọ́n fi omi wúrà kùn máa ń ṣí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á sì fi àmì àwọ̀ ewé sára ìka. Mo ti rí ìka bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, kò dára láti wò.

Ìwọ̀n ìka ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Ọkùnrin a ra òrùka, kò ní kọjá oríkèé ìka, onítìjú á máa tì í níwájú rẹ̀, òógùn á bò ó. Bí ọmọbìnrin náà bá ní òrùka kan tó máa ń wọ̀ sí ìka tí ẹ fẹ́ fi tiyín sí ní ọwọ́ òsì, ẹ yá a fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ọṣẹ tútù. Ọṣẹ yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá ẹni tó ń ta òrùka. Bí ó bá jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń wọ̀, ẹ rántí pé ọwọ́ tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ. Bí kò bá ní òrùka kankan, ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi yí ìka ká, kí ẹ sàmì síbi tí ó ti pàdé. Ẹ má lo òwú, nítorí òwú máa ń fà. Bí bébà náà bá jẹ́ mìlímítà 54, òrùka tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 17 lẹ ń wá. Ẹ wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́, nígbà tí ìka ti wú díẹ̀ nítorí iṣẹ́ àti oòrùn. Èyí tó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù lè fún un lọ́sàn-án.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò rí òrùka yá. Ọgbọ́n wo ló ta? Ó lọ bá ọmọbìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó mú téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ, ó ní kí wọ́n fi wọn gbogbo ìka ara wọn wò, kí wọ́n mọ ti ẹni tó tóbi jù. Wọ́n fi ṣeré títí. Ó kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé láti ìṣẹ́jú yẹn ni òun ti mọ̀. Inú òun dùn pé òun mọ̀, nítorí ó fún òun láyè láti sunkún tòun sílé kó tó di ọjọ́ náà.

Ó ku ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Kábà kì í ṣe ìlú ńlá. Bí ẹ bá jókòó sí ilé oúnjẹ kan láàárín ìlú tí ẹ fi òrùka sórí tábìlì, kí ẹ tó délé ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Nítorí náà, àwọn kan á ní kí àwọn mú un lọ sórí òkè tàbí sínú oko tó jìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìkọ̀kọ̀ yàtọ̀ sí ibi tó dá páropáro. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Yàtọ̀ sí ti ààbò, ọmọbìnrin tí kò lè dá kúrò níbẹ̀ kò ní òmìnira láti sọ pé rárá. Ibi tí ẹ máa wá ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé wà nítòsí, tí ọmọbìnrin náà sì lè gun ọ̀kadà lọ sílé fúnra rẹ̀ bí ó bá wù ú. Kó jẹ́ ojúmọmọ. Kó má jẹ́ àsìkò Kérésìmesì tàbí Àjíǹde, nígbà tí aṣọ oníbàárà dé àjà lọ́dọ̀ aránṣọ, tí gbogbo ọmọ ìlú sì ti wálé.

Ẹ̀yìnkùlé mi ni wọ́n wá. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mo ní ẹ̀gúsí tí mo fẹ́ bó, mo sì ní kí wọ́n wá bá mi bó o. Òótọ́ ni, mo ní ẹ̀gúsí. Ẹni tó bá mọ onítìjú á mọ̀ pé kò rọrùn fún un bí ẹ bá kọjú sí i tí ẹ ń wò ó lójú. Ẹ jẹ́ kí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, kí ọwọ́ ní nǹkan tó ń ṣe. Wọ́n jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, atẹ ẹ̀gúsí wà láàárín wọn. Mo wà nínú ilé, mo ń se ọbẹ̀, mo sì tan rédíò kí n má baà gbọ́. Fóònù àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi lórí fìríìjì. Ìyẹn ni mo bẹ̀ wọ́n ṣáájú, pé kò gbọ́dọ̀ sí àwòrán.

Èyí tí mo mọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ, òun ni wọ́n sọ fún mi. Ó bi í pé, "Ṣé kí wọ́n wá?" Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́wàá sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìyà tó jẹ òun láàárín ẹ̀gúsí mẹ́wàá yẹn, òun kò jẹ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, bí mo ṣe kìlọ̀ fún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà ní, "Kí wọ́n má wá lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi máa ń lọ ìpàdé." Èsì rẹ̀ nìyẹn. Ó na ọwọ́ tí èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́, òrùka náà kọjá oríkèé ìka lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n wọlé, mo fún un ní aṣọ kan láti inú àpótí ìyá mi. Aṣọ híhun ni, láti Bùnú, lórí òfì ìdúró tí àwọn obìnrin ń lò níbẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọnú ara wọn ní Bùnú. Òyìnbó kan, Elisha Renne, tó gbé láàárín wọn, kọ odindi ìwé lórí aṣọ wọn, ó jáde ní 1995. Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà, ó yí etí aṣọ padà, ó wo bí wọ́n ṣe hun ún, ó sì sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan gbáko. Mi ò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èló ni gbogbo rẹ̀? Òrùka jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náírà. Adìyẹ, iṣu àti èròjà ọbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Owó ọkọ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ rí i pé kò pé ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta. Ìyókù nínú ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, níbi tí owó ti wúlò ní tòótọ́. Ká ní ó ti fi ra òdòdó àti fèrè ni, ó máa wá yáwó ra obì.

Ẹ̀yin òbí, tiyín ló kù báyìí. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dé etí ẹni ṣe pàtàkì. Bàbá tó gbọ́ lọ́jà pé ọmọ òun ti gba òrùka, yóò bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Nítorí náà, kí òrùka náà má dé ìta kí òbí tó mọ̀. Ọmọbìnrin náà bọ́ tirẹ̀ kó tó kúrò nílé mi, ó so ó mọ́ etí gèlè. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá sọ fún bàbá lálẹ́. Kó tó di Ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n mi ti bá bàbá náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti béèrè ọjọ́ tó wọ̀, kí ó sì mọ ohun tí ìdílé wọn ń gbà, nítorí agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín obìnrin bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ má pariwo ayọ̀ pe àwọn aládùúgbò. Ẹ má gbé e sórí Wátsáàpù. Ìyá ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí fẹ́ ṣe é. Bàbá ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé rárá ni èsì ńkọ́? Bí ẹ̀gúsí lẹ jọ ń bó, ẹ ó bó ẹ̀gúsí yín tán, kálukú á sì lọ sílé. Kò sí ẹni tó rí yín. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn gbọ̀ngán. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkùnrin ni onítìjú, tí obìnrin ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà, kò sí ohun tó yí padà nínú ohun tí mo sọ, àfi kí òun náà rántí láti wọn ìka rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló yọ̀ǹda kí n sọ ìtàn yìí, wọ́n ní kí n má dárúkọ. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ ka ìwé tí mò ń kà yìí, ó sì fi bírò pa ìlà méjì rẹ́. Ẹ kò ní gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni àwọn àgbà ilé wa lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ ti ra òrùka láìwọn ìka, ẹ tètè lọ lọ́la bi ẹni tó tà á fún yín bóyá á gbà á pààrọ̀, kí ẹ mú ọṣẹ dání.